Oòrùn Àárọ̀ Kò Tó: Ibà Pọ́njú Lára Ọmọ Tuntun

Ní ọsibítù Rochford ní Essex, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀gá nọ́ọ̀sì kan wà tó ń jẹ́ Jean Ward. Òun ló ń tọ́jú àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé. Nígbà ooru ọdún 1956, ó máa ń gbé àwọn tó lágbára díẹ̀ nínú wọn jáde sí àgbàlá kí oòrùn àti atẹ́gùn tuntun kàn wọ́n lára, á sì kó wọn wọlé kí àwọn dókítà tó dé. Lọ́jọ́ kan, ó tú aṣọ lára ọmọ kan níwájú àwọn dókítà. Ara ọmọ náà ti ń mọ́, àfi ojú kan tó ní igun mẹ́ta tó ṣì pọ́n rúsúrúsú. Dókítà béèrè bóyá wọ́n fi oògùn kun ibẹ̀ ni. Ward ní rárá o, ìṣẹ́po aṣọ ìbora ló bo ojú ibẹ̀ nígbà tí ọmọ wà níta.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, wọ́n gbàgbé ìgò ẹ̀jẹ̀ ọmọ kan tó ní ibà pọ́njú sójú fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ohun tó ń sọ ara di rúsúrúsú ti dín kù nínú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ míràn sóòrùn, iye tiẹ̀ náà wálẹ̀. Ní 1958, Cremer, Perryman àti Richards kọ àbọ̀ iṣẹ́ náà sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn tí ń jẹ́ Lancet. Ohun tí wọ́n wá ṣe lẹ́yìn tí wọ́n rí agbára oòrùn ni pé wọ́n kan ẹ̀rọ tó ní iná aláwọ̀ búlúù, kí ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n nílò lè wà ní gbogbo wákàtí, kí wọ́n sì lè mọ bó ṣe pọ̀ tó.

Ìdajì àkọ́kọ́ ìtàn yìí ló tàn dé ọ̀dọ̀ wa. Ní Èkó, Ìbàdàn, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Abẹ́òkúta, tí ojú ọmọ tuntun bá ti pọ́n, ìmọ̀ràn tí ìyá rẹ̀ máa kọ́kọ́ gbọ́ ni pé kó gbé e sí oòrùn àárọ̀. Ìyá ọkọ á sọ ọ́, aládùúgbò á sọ ọ́, nígbà míì nọ́ọ̀sì gan-an á sọ ọ́. Ìdajì kejì, èyí tó dá lórí wíwọn ìmọ́lẹ̀ àti yíyẹ ẹ̀jẹ̀ wò léraléra, kò bá a dé. Àwọn ọmọ tó di adití tàbí tí ọrùn àti ọwọ́ wọn kò gbọ́ràn mọ́ ń san gbèsè ìdajì tó ṣẹ́kù lẹ́yìn yìí.

Bilirúbíìnì ni orúkọ ohun tó ń mú ara pọ́n. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tó bá ti gbó máa ń fọ́, bilirúbíìnì sì ni ó máa ń jáde láti inú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun pọ̀ ní sẹ́ẹ̀lì pupa ju ti àgbà lọ, sẹ́ẹ̀lì náà kì í sì í pẹ́ tó ti àgbà kó tó fọ́. Ẹ̀dọ̀ ló yẹ kó gba bilirúbíìnì, kó sọ ọ́ di ohun tó lè yòrò nínú omi, kó sì tú u sínú òróòro kó lè bá ìgbẹ́ jáde. Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, ẹ̀dọ̀ ọmọ kò tíì mọ iṣẹ́ yìí ṣe dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ojú ọ̀pọ̀ ọmọ tó dá ṣáṣá fi máa ń pọ́n ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, tó máa ń ga jù láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún, tó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé.

Nítorí pé ó sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀ ni oòrùn àárọ̀ ṣe gba ìyìn tí kò tọ́ sí i. Nínú ọmọ mẹ́wàá tí wọ́n gbé sóòrùn, ọ̀pọ̀ wọn ni ara wọn ìbá mọ́ bí wọ́n bá tilẹ̀ wà nínú yàrá. Ẹni tó rí i pé ojú ọmọ òun mọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan á búra pé oòrùn ló ṣe é, á sì fi ìmọ̀ràn náà fún ọmọ àbúrò rẹ̀, ẹni tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lè má rí bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí bilirúbíìnì bá pọ̀ jù ni ọ̀rọ̀ di ewu, torí pé ó lè kọjá láti inú ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ọpọlọ. Ibi tó máa ń bà jẹ́ jù níbẹ̀ ni ibi tó ń darí ìgbọ́ràn àti ibi tó ń mú kí ẹsẹ̀, ọwọ́ àti ọrùn rìn bó ṣe yẹ. Èyí tó bá ti bàjẹ́ pátápátá kì í ṣeé tún ṣe.

Kí wá ni ìmọ́lẹ̀ ń ṣe? Bí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù bá wọ awọ ara, á yí bilirúbíìnì tó wà níbẹ̀ padà, á tún un tò sí irú míràn tí òróòro àti ìtọ̀ lè gbé jáde láìdúró de ẹ̀dọ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó dára jù fún iṣẹ́ yìí wà láàárín 460 sí 490 nànómítà. Ó wà nínú oòrùn lóòótọ́. Àmọ́ nínú oòrùn kan náà ni ìtànṣán tó ń jó awọ ara wà, pẹ̀lú ooru tó lè gba omi ara ọmọ. Oòrùn agogo méje àárọ̀ tutù nítorí pé kò tíì lágbára, búlúù inú rẹ̀ náà kò sì tíì pọ̀. Oòrùn ọ̀sán ní búlúù tó pọ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò tẹ́ ọmọ ọjọ́ mẹ́ta síhòòhò sínú oòrùn ọ̀sán Èkó fún wákàtí mẹ́fà? Ìyá tó bá gbé ọmọ jáde fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tó wọ̀ ọ́ láṣọ, tó fi fìlà sí i lórí, ó fún un ní ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sí ojú àti ọwọ́ lásán. Tó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, ọmọ náà lè gbé òtútù wálé dípò ìwòsàn.

Lábẹ́ iná ọsibítù, ọmọ máa ń wà níhòòhò, àfi ìlédìí tó wà nídìí rẹ̀ àti ohun tí wọ́n fi bo ojú rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ má baà pa á lára. Ó máa ń wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, wọ́n á kàn gbé e jáde láti fún un lọ́mú ní wákàtí méjì sí mẹ́ta. Bí awọ ara tí ìmọ́lẹ̀ kàn bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ṣe ń yá tó. Bí iná bá ṣe jìnnà sí ọmọ náà tún ṣe pàtàkì. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní àwọn ọsibítù kan ní ìwọ̀ oòrùn gúúsù Nàìjíríà fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò kò lágbára tó. Iná tó ti gbó ṣì lè tàn búlúù lójú, kí agbára rẹ̀ sì ti lọ. Òbí tó bá bi nọ́ọ̀sì bóyá wọ́n ti fi ẹ̀rọ wọn agbára iná náà láìpẹ́, kò ṣe àfojúdi rárá.

Oòrùn fúnra rẹ̀ kò ṣe é jù nù, Èkó ló sì fi hàn. Ní ọsibítù àwọn aboyún ní Lagos Island, Tina Slusher, Bolajoko Olusanya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ta àtíbàbà onírọ́bà pàtàkì kan. Rọ́bà náà ń sé ìtànṣán tó ń jó awọ ara àti ọ̀pọ̀ nínú ooru, ó sì ń jẹ́ kí búlúù kọjá. Àbọ̀ iṣẹ́ náà jáde ní ọdún 2015. Ọmọ 447 ni wọ́n lò: apá kan sùn sábẹ́ àtíbàbà, apá kejì sábẹ́ iná. Nínú ọjọ́ tí wọ́n fi tọ́jú àwọn ti abẹ́ àtíbàbà, ìtọ́jú náà ṣiṣẹ́ ní ìdá 93 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti abẹ́ iná jẹ́ ìdá 90. Fún ìlú tí iná mànàmáná ti ń lọ nígbà tó bá wù ú, ìròyìn ayọ̀ lèyí. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé ó dọ́gba pẹ̀lú gbígbé ọmọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó yẹ kó wo ohun tó yí àtíbàbà náà ká. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀ tó ń wọn bí ara ọmọ ṣe gbóná tó, nítorí pé ara ọmọ márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún gbóná kọjá 38 lábẹ́ àtíbàbà, nígbà tó jẹ́ ọ̀kan péré lábẹ́ iná. Wọ́n ń wọn ìmọ́lẹ̀. Wákàtí púpọ̀ ni ọmọ ń lò níbẹ̀ lójúmọ́, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí ní ẹ̀yìnkùlé ilé ẹnikẹ́ni.

Ọmọ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń yára burú jù láàárín wa ni ọmọ tí G6PD rẹ̀ kò tó. G6PD jẹ́ èròjà kan tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa kó má baà fọ́ láìtọ́jọ́. Bí ọkùnrin kan nínú márùn-ún láàárín àwọn Yorùbá ni tiẹ̀ kò tó, ọ̀pọ̀ wọn kò sì mọ̀, torí pé kì í ṣe wọ́n ní ohunkóhun lójoojúmọ́. Ọjọ́ tí ohun kan tó ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì bá dé ara wọn ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀, káńfọ̀ sì ni ó wọ́pọ̀ jù nínú ohun bẹ́ẹ̀ nílé wa. Aṣọ òtútù, ṣọ́ọ̀lù àti ìborùn tí ọmọ ìṣáájú lò, tí ìyá àgbà kó pamọ́ sínú àpótí pẹ̀lú káńfọ̀, ni wọ́n máa ń kó jáde nígbà tí ọmọ tuntun dé. Òórùn rẹ̀ tí ọmọ ń fà símú, àti èyí tó ń wọ ọ́ lára láti inú aṣọ, tó láti fọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìpara àti páúdà tó ní mẹ́ńtọ́ọ̀lù náà kò dára fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ ọmọkùnrin kan tí oṣù rẹ̀ pé, irú èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì wa ń bá pàdé. Wọ́n bí i ní agogo mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó wọn kílò 3.2. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n fi ṣọ́ọ̀lù olóòórùn káńfọ̀ wé e. Ọ̀sán Ọjọ́rú ni ìyá rẹ̀ rí i pé ojú rẹ̀ ti pọ́n. Láti àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ti ń gbé e sóòrùn, wọ́n ń fún un ní omi glúkóòsì, wọ́n sì ra oògùn apakòkòrò olómi láti ilé oògùn.

Omi glúkóòsì ń ba nǹkan jẹ́ níbí ju bí ó ṣe ń ràn án lọ́wọ́ lọ. Bilirúbíìnì tí ẹ̀dọ̀ ti lé sínú ìfun ń dúró de ìgbẹ́. Wàrà ọmú ló ń mú kí ọmọ yàgbẹ́. Ọmọ tó ti fi omi kún inú kò ní mu ọmú tó, ìgbẹ́ dúdú kíki tó kọ́kọ́ wà nínú rẹ̀ kò ní tètè jáde, ìfun á sì fa bilirúbíìnì náà padà sínú ẹ̀jẹ̀. Oògùn apakòkòrò ní tiẹ̀ kò ní ohun kan ṣe pẹ̀lú sẹ́ẹ̀lì tó ń fọ́.

Ní agogo mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọmọ náà ti ń sùn jù, wọ́n ń jí i kó tó mu ọmú. Wọ́n gbé e dé ọsibítù. Ìwọ̀n rẹ̀ ti wálẹ̀ sí kílò 2.8, ó ti pàdánù ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n tí wọ́n fi bí i lọ, àmì pé ọmú kò tó o. Bilirúbíìnì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílígíráàmù 23 nínú désílítà kan. (Àwọn ilé àyẹ̀wò kan máa ń kọ ọ́ ní míkrómóòlù, nọ́ńbà náà á wá tó ìlọ́po 17 èyí. Nítorí náà 23 ti ibí yìí, bí 390 ni yóò rí lọ́hùn-ún. Kí òbí má ṣe jẹ́ kí nọ́ńbà kékeré fi òun lọ́kàn balẹ̀ kí ó tó béèrè irú òṣùwọ̀n tí wọ́n lò.)

Iye 23 fúnra rẹ̀ kò sọ tán. Dókítà máa ń fi í wé ọjọ́ orí ọmọ ní wákàtí. Nínú ìlànà tí wọ́n ń lò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ tí oṣù rẹ̀ pé, tó ti lo wákàtí 24 láyé, á bọ́ sábẹ́ iná tí tirẹ̀ bá kọjá bí 12. Fún ẹni wákàtí 72, ìlà náà ti gun dé bí 17 àbọ̀, fún ẹni wákàtí 96 ó sì dé 20 àbọ̀. Ìlà pípààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ wà ní bí 26. Ọmọ ọjọ́ Ẹtì yìí ti pé wákàtí 100 láyé: ó ti kọjá ìlà iná, ó kù díẹ̀ kó dé ìlà pípààrọ̀ ẹ̀jẹ̀. Nítorí pé sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń fọ́, tí oorun rẹ̀ sì ti pọ̀ jù, kò sí ẹni tí yóò fi í ṣeré.

Wọ́n gbé e sábẹ́ iná tó lágbára lókè àti lábẹ́. Ìyá rẹ̀ ń fún un lọ́mú, èyí tí kò bá lè fà wọ́n ń fún wàrà ìyá náà sínú ife kékeré fún un. Wọ́n pè fún ẹ̀jẹ̀ tó bá a mu kó wà ní sẹpẹ́. Tí iye náà bá kọjá ìlà, wọ́n á gba ojú ìwọ́ rẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa fi ti ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, títí tí yóò fi tó ìlọ́po méjì ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀. Iṣẹ́ náà gba wákàtí, ó sì ní ewu tirẹ̀. Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò: 22. Ní agogo mẹ́wàá alẹ́: 19 àbọ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta: 16. Wọ́n pa iná.

Ibí ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń fẹ́ máa lọ sílé, tí wọ́n sì ń bínú tí wọ́n bá ní kí wọ́n dúró. Ìdí wà. Sẹ́ẹ̀lì tó ń fọ́ kò mọ̀ pé wọ́n ti pa iná, bilirúbíìnì sì lè tún gòkè. Láàárín wákàtí 12 sí 18 lẹ́yìn náà, wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀: 17. Ó gòkè díẹ̀, kò dé ìlà. Wọ́n jẹ́ kó lọ sílé ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ tó ṣíwájú ìkómọjáde, wọ́n sì sọ fún wọn pé kí gbogbo aṣọ oníkáńfọ̀ kúrò nínú ilé, kì í ṣe lára ọmọ nìkan.

Ìkómọjáde ọjọ́ kẹjọ gan-an wà lára ohun tó ń jẹ́ kí àwọn ọmọ báyìí pẹ́ kí wọ́n tó dé ọsibítù. Ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún tí ibà pọ́njú ń ga jù ni ilé ń kún, tí ìyá ń gba àlejò, tí wọ́n sì ń pa ọmọ mọ́ sínú yàrá tí kò mọ́lẹ̀. Ọmọ tó jáde ní ọsibítù kó tó pé wákàtí 24 gbọ́dọ̀ padà lọ kí wọ́n wò ó ní ọjọ́ kẹta, kó tó di pé wọ́n ń ta àtíbàbà ayẹyẹ. Ọmọ tí agbẹ̀bí ìbílẹ̀ gbà náà kò yàtọ̀.

Ara dúdú ń fi ibà pọ́njú pamọ́, nítorí náà kí ẹni tó ń wò ó gbé ọmọ sún mọ́ fèrèsé lọ́sàn-án, kó wo funfun ojú, kó sọ ètè kalẹ̀ kó wo èrìgì, kó fi ìka tẹ iwájú orí àti àyà kó wo àwọ̀ tó wà níbẹ̀ kó tó padà. Èyí tó bá dé àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ti pọ̀ gan-an. Ojú kò tó láti fi mọ iye rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tàbí ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé lé awọ ara ló lè sọ ọ́. Tí ojú bá ti pọ́n kí wákàtí 24 àkọ́kọ́ tó pé, àìsàn ni títí tí dókítà yóò fi sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wọ́pọ̀ kó jẹ́ pé gúrúùpù ẹ̀jẹ̀ ìyá jẹ́ O, ti ọmọ sì jẹ́ A tàbí B. Ọmọ tí kò lè fa ọmú mọ́, tó ń ké igbe tín-ín-rín, tó ń tẹ ẹ̀yìn dà bí ọrun, tí gìrì sì mú, ọpọlọ rẹ̀ ti wà nínú ewu. Alẹ́ ni o, òjò ni o, kí wọ́n gbé e lọ.

Ìtọ́jú kò parí lọ́jọ́ tí wọ́n bá pa iná. Ọmọ tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ fọ́ púpọ̀ lè di aláìlẹ́jẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí i, kódà tí ojú rẹ̀ bá ti mọ́ kedere, nítorí náà wọ́n á máa yẹ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Àyẹ̀wò G6PD fúnra rẹ̀ lè wá gẹ́gẹ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan tí wọ́n bá ṣe é nígbà tí sẹ́ẹ̀lì ògbólógbòó ti fọ́ tán, tó jẹ́ tuntun ló kù. Dókítà lè ní kí wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Tí ó bá hàn pé kò tó, kí ìyá kọ ọ́ sí iwájú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, torí pé ẹni tí yóò fún ọmọ náà ní oògùn ibà lọ́jọ́ iwájú ní láti mọ̀.

Ìgbọ́ràn tún gba àkíyèsí tó yàtọ̀. Bilirúbíìnì máa ń ba iṣan tó gbé ohùn láti etí lọ sí ọpọlọ jẹ́, nígbà tí etí fúnra rẹ̀ ṣì dá ṣáṣá. Àyẹ̀wò tó ń wo inú etí nìkan lè sọ pé ọmọ ń gbọ́ràn, kí ó sì má gbọ́ ọ̀rọ̀. Èyí tí wọ́n ń lẹ wáyà mọ́ orí ọmọ tó ń sùn, kí wọ́n lè rí bí ọpọlọ ṣe ń dáhùn sí ohùn, ni kí òbí béèrè fún. Ní oṣù mẹ́rin, kí wọ́n wò bóyá ọrùn ọmọ ti le. Ní oṣù mẹ́sàn-án, kí wọ́n wò bóyá ó ń jókòó láìsí ìrànlọ́wọ́, àti bóyá ojú rẹ̀ ń tẹ̀ lé nǹkan lọ sókè.

Ọmọ tí ojú rẹ̀ ṣì pọ́n lẹ́yìn ọjọ́ 14 ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kí ìyá wo ìlédìí. Ìgbẹ́ ọmọ ọmú yẹ kó pọ́n. Ìtọ̀ rẹ̀ yẹ kó mọ́ bí omi. Tí ìgbẹ́ bá funfun bí ẹfun tàbí bí eérú, tí ìtọ̀ sì ń pọ́n aṣọ, ó lè jẹ́ pé ọ̀nà tí òróòro ń gbà jáde nínú ẹ̀dọ̀ ti dí. Iná kò lè wo èyí, oòrùn kò lè wò ó. Iṣẹ́ abẹ ni, ó sì máa ń yọrí sí rere jù tí wọ́n bá ṣe é kí ọmọ tó pé ọjọ́ 60, nítorí náà àyẹ̀wò tó ń pín bilirúbíìnì sí oríṣi méjì gbọ́dọ̀ wáyé ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kí ọsibítù kékeré lè rí àyè kọ ìwé tí yóò gbé ọmọ náà dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ ọmọdé ní ọsibítù ńlá.